Módẹ́ẹ̀lì tó gba 100 nínú 100 nílé, tó sì kùnà lọ́jà kajú

Ní àsìkò kajú tó kọjá, nígbà tí àwọn ará Ìjùmú àti Yàgbà ti tẹ́ kóró sórí simẹ́ńtì àti tapólì níwájú ilé, tí ọkọ̀ àwọn tó ń ra kajú sì ń wọlé tí ó ń jáde, àbúrò mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wá bá mi ní Kàbà. "Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n," ni ó fi kí mi, kò sì tíì jókòó dáadáa tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní òun ti kọ́ módẹ́ẹ̀lì kan tó ń wo fọ́tò kóró kajú, tí yóò sì sọ bóyá àpò tí wọ́n ti bu kóró náà dára tàbí kò dára, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la kóró kan ṣoṣo. Ó ní ó gba 100 nínú 100.

Ẹni tó bá mọ òwò kajú yóò mọ ìdí tí inú rẹ̀ fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra kajú kì í fi ojú lásán wò ó. Yóò bu kóró láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò, yóò wọn kílò kan, yóò la àwọn kóró náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ya ọmọ inú tó funfun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ní àmì, èyí tó ti bu àti èyí tó ṣófo, lẹ́yìn náà ni yóò wọn èyí tó dára kí ó lè ṣírò iye pọ́n-ùn ọmọ inú tí àpò oníkílò 80 yóò mú jáde. Iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò ni, omi tó wà nínú èèpo kajú sì máa ń bó èèyàn lọ́wọ́. Bí fọ́tò bá lè rọ́pò gbogbo èyí, owó ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù náà lọ sí ọjà ìlú mìíràn. Wọ́n fi módẹ́ẹ̀lì náà wo àpò 40, wọ́n sì la kóró àpò kọ̀ọ̀kan láti mọ òótọ́. Àpò 22 péré ni módẹ́ẹ̀lì náà mọ̀. Ẹni tó bá ń ta owó ẹyọ sókè láti fi pinnu yóò mọ bíi 20, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè tọ́ka sí, kò sì ní nílò fóònù. Àbúrò mi kò parọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú ohun tó kọ sínú kọ̀ǹpútà. Iye 100 nínú 100 náà jẹ́ òótọ́. Ohun tó fi ń wọ̀n ni kì í ṣe ohun tí òun rò pé ó fi ń wọ̀n.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí módẹ́ẹ̀lì jẹ́. Kò kan àwọn tó ń wọ aṣọ rìn lórí pèpéle. Ìlànà ìṣirò kan ni: ohun kan yóò wọlé, ìdáhùn kan yóò jáde. Àwọn nọ́ḿbà kan wà nínú ìlànà náà tí a lè yí sókè tàbí sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yí ìkó rédíò láti wá ibi tí ohùn ti já gaara. Tí a bá ní à ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì, ohun tí à ń ṣe kò ju pé à ń fi àwọn àpẹẹrẹ tí a ti mọ ìdáhùn wọn hàn án, kọ̀ǹpútà sì ń yí àwọn ìkó náà díẹ̀díẹ̀ títí ìdáhùn tó ń jáde yóò fi bá èyí tí a ti mọ̀ mu. Àwọn àpẹẹrẹ náà ni à ń pè ní dátà ìkẹ́kọ̀ọ́. Módẹ́ẹ̀lì kékeré lè ní ìkó méjì. Àwọn tó ń wo fọ́tò máa ń ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Iye ìkó yìí ló fa gbogbo wàhálà, mo sì fi ìwé àti bírò hàn án fún àbúrò mi, nítorí kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tó ju ìròpọ̀ àti ìyọkúrò lọ.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ bí kajú mi ṣe ń gbẹ sí. Ẹ̀rọ kékeré kan ni mo fi ń wọn omi tó wà nínú kóró, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì máa ń sọ. Ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni 20, 17, 15, 12 àti 11. Àwọn tó ń ra kajú máa ń fẹ́ kí ó wá sísàlẹ̀ 10 kí wọ́n tó kó o pamọ́, nítorí náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rọrùn: èló ni yóò jẹ́ ní ọjọ́ kẹfà? Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ bò ó.

Módẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí a fi dáhùn jẹ́ ìlà gbọọrọ. Ìkó méjì péré ló ní: ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti iye tí ó fi ń lọ sílẹ̀ lójúmọ́. Ìlà tó sún mọ́ nọ́ḿbà márùn-ún náà jù lọ ń fi 2.3 lọ sílẹ̀ lójúmọ́, ó sì sọ pé 19.6, 17.3, 15, 12.7 àti 10.4 ló yẹ kí ọjọ́ márùn-ún náà jẹ́. Yàtọ̀ sí ọjọ́ kẹta, kò bá èyíkéyìí mu gẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìṣe tó tóbi jù nínú rẹ̀ kò ju 0.7 lọ. Tí ẹnìkan bá fẹ́ le koko, yóò ní ó gba 1 nínú 5.

Módẹ́ẹ̀lì kejì jẹ́ ìlà kọ́lọkọ̀lọ tó ní ìkó márùn-ún. Nítorí pé ìkó márùn-ún ló ní, tí nọ́ḿbà sì jẹ́ márùn-ún, a lè yí i títí yóò fi gba ojú gbogbo wọn kọjá láìṣì kan. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú èyí. Ká ní nọ́ḿbà márùn-ún tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ḿbà fóònù àbúrò mi ni mo kọ síbẹ̀, ìlà kọ́lọkọ̀lọ náà yóò gba gbogbo wọn kọjá pẹ̀lú, yóò sì gba 5 nínú 5. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Ohun tí ìlà kọ́lọkọ̀lọ yóò sọ nípa ọjọ́ kẹfà ṣe é ṣírò lórí ìwé. Kọ nọ́ḿbà márùn-ún náà sórí ìlà kan. Lábẹ́ wọn, kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Lábẹ́ ìyẹn, kọ ìyàtọ̀ àwọn ìyàtọ̀ náà, máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi ku nọ́ḿbà kan ṣoṣo:

```
20    17    15    12    11
   -3    -2    -3    -1
       1    -1     2
         -2     3
             5
```

Ohun tí ìlà kọ́lọkọ̀lọ oníkòó márùn-ún gbà gbọ́ ni pé nọ́ḿbà 5 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn kì í yí padà. Nítorí náà, láti mọ ọjọ́ kẹfà, a óò máa gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ní apá ọ̀tún: 3 pẹ̀lú 5 jẹ́ 8; 2 pẹ̀lú 8 jẹ́ 10; a fi 10 kún -1, ó di 9; 11 pẹ̀lú 9 jẹ́ 20. Módẹ́ẹ̀lì tó gba 5 nínú 5 sọ pé ní ọjọ́ kẹfà, kajú tó ti ń gbẹ láti ọjọ́ márùn-ún yóò padà tutù bí ọjọ́ tí a ṣà á. Ìlà gbọọrọ tó ń ṣàṣìṣe káàkiri sọ pé 8.1. Mo ká ọwọ́ kúrò lórí ìwé. Nọ́ḿbà tí mo kọ síbẹ̀ ni 9.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbé e kọjá ibi tó mọ̀. Ọjọ́ kẹfà wà níta." Òótọ́ ló wí, mo sì fẹ́ràn irú àtakò bẹ́ẹ̀. Ìlà gbọọrọ fúnra rẹ̀, bí a bá gbé e dé ọjọ́ kẹwàá, yóò sọ pé omi tó wà nínú kóró ti dín ju òfo lọ, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Nítorí náà a gbìyànjú ti inú. A fi ọjọ́ kejì pamọ́, a fi ọjọ́ kìn-ín-ní, kẹta, kẹrin, karùn-ún àti kẹfà kọ́ àwọn méjèèjì. Ìlà kọ́lọkọ̀lọ tún gba ojú márààrún kọjá gẹ́lẹ́, ó sì sọ pé 19.2 ni ọjọ́ kejì. Ìlà gbọọrọ sọ pé 17.4. Ẹ̀rọ ti sọ pé 17. Àṣìṣe ìlà kọ́lọkọ̀lọ kò tóbi bíi ti ọjọ́ kẹfà, síbẹ̀ ó ju ti ìkejì rẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún ó lé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì wà láàárín àwọn tó mọ̀.

Níbo wá ni 5 tó bà á jẹ́ yẹn ti wá? Ó wá láti inú àwọn ohun kéékèèké tí kò ní í ṣe pẹ̀lú gbígbẹ kajú. Ó lè jẹ́ pé ìkùukùu bo oòrùn ní ọjọ́ karùn-ún. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀kúnwọ́ kóró tí mo bù ní ọjọ́ kẹrin wá láti etí tapólì, níbi tí ó ti gbẹ ju àárín lọ. Ẹ̀rọ náà pẹ̀lú kì í sọ ìdajì. Bí ó bá jẹ́ 12.6, yóò kọ 13. Nínú gbogbo nọ́ḿbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, apá kan jẹ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, apá kan sì jẹ́ ariwo ọjọ́ náà nìkan. Kajú ń gbẹ lójoojúmọ́: ìyẹn ni òtítọ́, ọ̀la ni yóò sì bá a. Ọwọ́ mi bọ́ sí etí tapólì: ìyẹn ni ariwo, kò ní padà wá lọ́nà kan náà mọ́. Módẹ́ẹ̀lì oníkòó méjì kò ní àyè tí yóò kó ariwo sí, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe. Èyí tó ní ìkó márùn-ún ní àyè fún un, ó sì kó ariwo náà mọ́ òtítọ́ bí ẹni pé òfin kan náà ni wọ́n.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè rí èyí kedere. Ká ní ẹ̀rọ náà ti kọ 13 dípò 12 ní ọjọ́ kẹrin, tí gbogbo ìyókù sì dúró bí wọ́n ti wà. Ìlà gbọọrọ yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ọjọ́ kẹfà láti 8.1 sí 8.6, ìyàtọ̀ ìdajì. Ẹ tún àtẹ ìyàtọ̀ yẹn ṣe pẹ̀lú 13, ẹ ó rí i pé ìlà kọ́lọkọ̀lọ yóò já bọ́ láti 20 sí 10. Ìyípadà 1 nínú nọ́ḿbà kan ṣoṣo mú kí àsọtẹ́lẹ̀ yí ní 10. Àmì tí mo máa ń wá nìyí lára módẹ́ẹ̀lì tó kọ́ àkọ́sórí: kì í ṣe pé ó ṣàṣìṣe nìkan ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Mú àpẹẹrẹ díẹ̀ kúrò tàbí kí o fi díẹ̀ pààrọ̀, yóò di módẹ́ẹ̀lì mìíràn pátápátá, síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa gba 100 nínú 100 lórí ohun tí ó kọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé eré ọmọdé ni ti ìlà àti nọ́ḿbà márùn-ún, pé módẹ́ẹ̀lì gidi tó ń wo fọ́tò yóò gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2016, Chiyuan Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò lọ́nà tí mo gbà pé kò sí ẹni tó lè gbàgbé bí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n mú àkójọ fọ́tò kéékèèké kan tí gbogbo ènìyàn tó wà nínú iṣẹ́ náà mọ̀, CIFAR-10, tó ní fọ́tò 50,000 fún ìkẹ́kọ̀ọ́ àti 10,000 fún ìdánwò, tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti ọ̀kan nínú oríṣi nǹkan mẹ́wàá: ẹyẹ, ológbò, ọkọ̀ òfuurufú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pa gbogbo ìdáhùn fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ́, wọ́n sì ṣẹ́ kèké láti fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tuntun, tó fi jẹ́ pé ológbò kan lè di ọkọ̀ òfuurufú, òmíràn sì lè di ẹyẹ. Kò sí ohun kankan mọ́ tí ẹ̀dá alààyè lè kọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn módẹ́ẹ̀lì náà kọ́ gbogbo 50,000 náà láìṣì kan. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé orí fọ́tò ìdánwò, wọ́n mọ bíi 1 nínú 10, èyí tí í ṣe iye tí ẹni tó bá ń méfò yóò mọ̀.

Nọ́ḿbà fóònù àbúrò mi nìyẹn, ṣùgbọ́n ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bí módẹ́ẹ̀lì bá lè gba 100 nínú 100 lórí irọ́ tí a fi kèké ṣẹ́, a jẹ́ pé 100 nínú 100 lórí dátà ìkẹ́kọ̀ọ́ kò lè jẹ́rìí pé ó ti mọ ohunkóhun. Kò sì jẹ́rìí lòdì sí i. Mo ní láti sọ èyí, nítorí àwọn kan ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di èèwọ̀: bí wọ́n bá ti rí 100, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Àwọn módẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà lónìí tó ń gba gbogbo dátà ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn tán, tí wọ́n sì ń ṣe dáadáa lórí dátà tuntun. Lórí àkójọ fọ́tò yẹn kan náà, pẹ̀lú ìdáhùn òtítọ́, irú módẹ́ẹ̀lì kan náà ṣe dáadáa. Nọ́ḿbà ìkẹ́kọ̀ọ́ kàn dákẹ́ lórí ìbéèrè tí à ń bi í ni. Ibòmíràn ni a ti gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn.

Ibòmíràn náà ni ohun tí a fi ọwọ́ bò. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́, a óò mú apá kan nínú dátà pamọ́, módẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ rí i, lórí rẹ̀ nìkan ni a ó sì ti dán an wò. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ló ń sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àbúrò mi náà mọ̀ ọ́n. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá ya mí lẹ́nu, nítorí ó dá mi lóhùn pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo fi pamọ́ o. Nínú fọ́tò 600, mo mú 120 sọ́tọ̀, ẹ̀rọ ló sì bá mi ṣà wọ́n kí n má baà ṣojúsàájú. Ó mọ 118 nínú wọn."

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ya fọ́tò 600 náà. Ó ní àpò 30 ni òun rí là, 15 dára, 15 kò dára, òun sì ya fọ́tò 20 láti inú àpò kọ̀ọ̀kan. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ lè gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Fọ́tò 20 láti inú àpò kan náà, tí a tú sórí tapólì kan náà, ní àárọ̀ kan náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá mú 120 nínú 600 láìwo ojú, yóò mú bíi mẹ́rin láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi bíi mẹ́rìndínlógún tó kù sílẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́. Kò sí fọ́tò kan nínú àwọn tó pamọ́ tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kò sí nínú ohun tí módẹ́ẹ̀lì ti rí. Nítorí náà, nígbà tí a gbé fọ́tò ìdánwò síwájú rẹ̀, kò nílò láti mọ ohun tó ń mú kí kajú dára. Ohun tó nílò ni kí ó dá àpò náà mọ̀: erùpẹ̀ pupa tó lẹ̀ mọ́ kóró ti oko kan, òjìji igi tó bọ́ sórí tapólì ti oko mìíràn, kóró wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ti àpò kejìlá nìkan. Bí ó bá ti dá àpò mọ̀, ó ti rántí ìdáhùn. Àkọ́sórí ni, ṣùgbọ́n àkọ́sórí tó wọ agbádá òye, ìdánwò náà sì jẹ́rìí sí i nítorí pé àwọn ìbéèrè ìdánwò ti jò.

Kì í ṣe àbúrò mi nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2018, John Zech àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn módẹ́ẹ̀lì tó ń wá àrùn pnẹ̀mónìà nínú àwòrán àyà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ẹ̀kísíréè yà. Wọ́n rí i pé módẹ́ẹ̀lì lè fi àwòrán náà nìkan mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti yà á, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn tó ní pnẹ̀mónìà pọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ju òmíràn lọ. Ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn ti ní ìdajì ìdáhùn lọ́wọ́ láìwo ẹ̀dọ̀fóró rárá. Nínú ìfiwéra márùn-ún tí wọ́n ṣe, mẹ́ta ni módẹ́ẹ̀lì ti ṣe burú sí i nígbà tí àwòrán wá láti ilé ìwòsàn tí kò tíì kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà tún iṣẹ́ àbúrò mi wò rọrùn. Dípò kí a fi fọ́tò pamọ́, a fi àpò pamọ́. A pín àpò 30 sí ìsọ̀rí márùn-ún, àpò mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fi ìsọ̀rí kan pamọ́ pẹ̀lú gbogbo fọ́tò rẹ̀, a fi mẹ́rin tó kù kọ́ módẹ́ẹ̀lì láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì bi í nípa àpò mẹ́fà tó pamọ́. A ṣe èyí nígbà márùn-ún títí àpò kọ̀ọ̀kan fi wọ ìpamọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo ìgbà márààrún, módẹ́ẹ̀lì gba 100 nínú 100 lórí àwọn fọ́tò tí ó kọ́. Lórí àwọn àpò tó pamọ́, ó mọ 17 nínú 30. Ẹni tó bá ń méfò yóò mọ bíi 15. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lo ìrọ̀lẹ́ kan lórí iṣẹ́ yìí. Ká ní ó ti ṣe é kó tó wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà, ìdáhùn tí ọjà fún un ni ì bá ti rí nínú yàrá, láìná owó ọkọ̀.

Ó tún hàn nínú èyí pé dátà 600 tó fi ń yangàn kì í ṣe 600. Tí ohun tí a fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ ti àpò, iye àpò ni iye àpẹẹrẹ tí a ní, 30 ni, bí a tilẹ̀ ya fọ́tò ẹgbẹ̀rún láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Módẹ́ẹ̀lì tó ní ìkó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí a wá fún ní àpẹẹrẹ 30, ó dà bí ìlà kọ́lọkọ̀lọ oníkòó márùn-ún yẹn gan-an: àyè tó ní fún ariwo pọ̀ ju ohun tí òtítọ́ lè kún lọ. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. A lè dín iye ìkó kù. A lè so okùn mọ́ àwọn ìkó náà, kí ó jẹ́ pé yíyí wọn jìnnà yóò ná módẹ́ẹ̀lì ní nǹkan, kí ó má lè yí wọn jìnnà nítorí àpẹẹrẹ kan ṣoṣo. A lè máa wo nọ́ḿbà méjì pọ̀ bí ìkẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ, ti ohun tí ó ń kọ́ àti ti ohun tó pamọ́. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ṣì ń gòkè tí ti kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni òye ti tán tí àkọ́sórí ti bẹ̀rẹ̀, kí a dá a dúró. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ti kajú yìí, mo rò pé kò sí èyí tó lè rọ́pò àpò púpọ̀ sí i, láti oko tó yàtọ̀ sí ara wọn. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ẹ̀yìn èèpo kóró má sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá, kí 17 nínú 30 náà jẹ́ gbogbo ohun tí fọ́tò ní láti sọ. Dátà tuntun nìkan ló lè pa ẹjọ́ yẹn.

Ohun kan kù tó máa ń mú àwọn tó gbọ́n pàápàá. Ohun tí a fi pamọ́ máa ń gbó. Bí àbúrò mi bá wo àpò mẹ́fà ìpamọ́ lónìí, tó rí i pé kò dára, tó yí nǹkan kan padà, tó tún wò ó lọ́la, tó tún yí òmíràn, títí dé ìgbà 50, módẹ́ẹ̀lì náà kò rí àwọn àpò yẹn o, ṣùgbọ́n òun tó ń yí i ti rí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ti di ìkó kan kún ìkó. Nọ́ḿbà tó bá jáde ní ìgbà àádọ́ta náà yóò dùn ju òtítọ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà ìkẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ṣe ìpamọ́ méjì: ọ̀kan tí a lè máa wò bí a ti ń ṣàtúnṣe, àti ọ̀kan tí a kò ní ṣí àyàfi lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọwọ́ bá ti kúrò lára gbogbo nǹkan.

Ó ti ń kó àpò tuntun jọ báyìí. Fọ́tò kan péré ló ń yà láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ orúkọ ìlú, oko àti ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó lè fi odindi oko pamọ́ bí ó bá fẹ́. Ti Ìyàrá àti Ìsánlú ló fi ń kọ́ ọ, ti Mọ̀pà ló fi ń ṣàtúnṣe. Àwọn àpò Ẹ̀gbẹ̀ ni a kò ní ṣí títí yóò fi parí; ẹlòmíràn ló bá a la kóró wọn, ìwé tí wọ́n kọ ìdáhùn sí sì wà nínú àpótí mi. Ó ti béèrè fún un lẹ́ẹ̀mejì.